Àròpín, agbedeméjì àti iye tó wọ́pọ̀ jù

Àròpín, agbedeméjì àti iye tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ òṣùwọ̀n mẹ́ta tí a máa ń lò nínú ìmọ̀ ìṣirò láti fi iye kan ṣoṣo dúró fún ọ̀pọ̀ iye. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún mọ̀ wọ́n sí míìnì, mídíánì àti móòdù. Àròpín ni ohun tí a rí nígbà tí a bá ro gbogbo iye pọ̀ tí a sì pín in sí ọgbọọgba. Agbedeméjì ni iye tó bọ́ sí àárín nígbà tí a bá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù. Iye tó wọ́pọ̀ jù sì ni èyí tó fara hàn lọ́pọ̀ ìgbà ju àwọn yòókù lọ.

Ìbéèrè kan náà ni ó dà bí ẹni pé òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn lè yàtọ̀ sí ara wọn, ìyàtọ̀ náà sì lè sọ èrè di àdánù fún ẹni tó bá gbé ìpinnu ka orí èyí tí kò yẹ. Àpilẹ̀kọ yìí fi iye gàárì ní ọjà mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe àlàyé wọn.

## Àpẹẹrẹ: kóńgò gàárì kan ní ọjà mẹ́ta

Ìkirun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà sì ni Ìnísà wà. Àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jìnnà sí ara wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ra ọjà nínú ọ̀kan kí ó tà á nínú èkejì lọ́jọ́ kan náà.

Ká sọ pé ẹnì kan lọ sí ọjà kọ̀ọ̀kan, ó sì bi àwọn ìyá tó ń ta gàárì léèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan. Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe àkọsílẹ̀ ọjà ọjọ́ kan pàtó. A ṣe wọ́n fún àlàyé ni, a sì ti tò wọ́n láti kékeré dé ńlá.

- Ìkirun (ẹni méje): ₦900, ₦1,000, ₦1,000, ₦1,000, ₦1,100, ₦1,100, ₦1,600
- Ìnísà (ẹni mẹ́fà): ₦850, ₦900, ₦900, ₦1,000, ₦1,000, ₦1,050
- Òkukù (ẹni márùn-ún): ₦800, ₦850, ₦900, ₦950, ₦1,000

## Àròpín

Orúkọ àròpín sọ bí a ṣe ń ṣe é: a ó rò ó pọ̀, a ó sì pín in. Ní Ìkirun, àpapọ̀ iye méjèèje jẹ́ ₦7,700. Bí a bá pín in sí ọ̀nà méje, àròpín rẹ̀ jẹ́ ₦1,100. Ní Ìnísà, àpapọ̀ jẹ́ ₦5,700, ẹni mẹ́fà ni wọ́n, àròpín sì jẹ́ ₦950. Ní Òkukù, ₦4,500 tí a pín sí ọ̀nà márùn-ún fún wa ní ₦900.

A lè rí àròpín gẹ́gẹ́ bí ibi tí òṣùwọ̀n onígbá méjì ti dọ́gba. Ohun tí àwọn iye tó wà lókè rẹ̀ fi ju ú lọ gbọ́dọ̀ bá ohun tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ fi dín sí i mu. Ní Ìkirun, ẹni tó ń ta ₦900 fi ₦200 dín sí ₦1,100. Àwọn mẹ́ta tó ń ta ₦1,000 fi ₦100 dín lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ₦300. Àpapọ̀ ohun tó dín jẹ́ ₦500. Ní apá òkè, ẹnì kan ṣoṣo ló wà, ẹni tó ń ta ₦1,600, òun nìkan sì fi ₦500 ju àròpín lọ. Ẹnì kan yìí ló gbé ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àwọn mẹ́rin.

Ibí yìí ni agbára àròpín wà, ibẹ̀ náà sì ni àìlera rẹ̀ wà. Kò sí iye kan tí kò kà, nítorí náà iye kan ṣoṣo tó ya ẹgbẹ́ lè fà á kúrò láàárín àwọn tó kù. Bí a bá yọ ₦1,600 kúrò, àpapọ̀ ní Ìkirun di ₦6,100 láàárín ẹni mẹ́fà, àròpín rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ₦1,017. Bí ẹni yẹn bá sì gbówó lérí dé ₦3,000, àròpín a fò sókè sí ₦1,300, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́fà yòókù kò fi kọ́bọ̀ kan kún iye tiwọn.

## Agbedeméjì

Láti rí agbedeméjì, a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ to àwọn iye náà. Ẹni tó bá mú iye tó wà láàárín àkọsílẹ̀ tí a kò tíì tò kò rí agbedeméjì rárá, iye ẹni tó bá bọ́ sí àárín nígbà tí ó ń rìn káàkiri ọjà ni ó mú.

Nígbà tí oye àwọn iye náà bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba, iye kan pàtó ni yóò wà láàárín. Ní Ìkirun, nínú iye méje, ìkẹrin ni ó ní mẹ́ta lọ́wọ́ òsì àti mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìkẹrin náà ni ₦1,000. Ní Òkukù, ìkẹta nínú márùn-ún ni, ó sì jẹ́ ₦900.

Nígbà tí oye wọn bá ṣeé pín sí méjì, iye méjì ni yóò jọ wà láàárín, a ó sì wá àròpín àwọn méjèèjì. Ní Ìnísà, ìkẹta jẹ́ ₦900, ìkẹrin jẹ́ ₦1,000. Àròpín wọn jẹ́ ₦950, òun sì ni agbedeméjì. Kò sí ìyá kankan ní Ìnísà tó ń ta kóńgò ní ₦950. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tí agbedeméjì ń sọ ni pé ìdajì àwọn òǹtajà ń tà sísàlẹ̀ ibẹ̀, ìdajì yòókù sì ń tà lókè rẹ̀.

Ipò ni agbedeméjì ń wò, kì í wo bí iye tó wà lókè ṣe ga tó. Bí ẹni tó ń ta ₦1,600 ní Ìkirun bá sọ ọ́ di ₦3,000, òun náà ni yóò ṣì jẹ́ ìkeje, ìkẹrin kò sì ní yí padà. Agbedeméjì a dúró sórí ₦1,000 níbi tí àròpín ti fò lọ sí ₦1,300.

## Iye tó wọ́pọ̀ jù

Iye tó wọ́pọ̀ jù kò nílò ìròpọ̀ tàbí ìpín. Kíkà ni. Ní Ìkirun, ẹni mẹ́ta ló ń ta ₦1,000, méjì ń ta ₦1,100, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ni àwọn yòókù. Iye tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni ₦1,000. Òun ló sún mọ́ ohun tí àwọn ará ọjà ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní, "Ẹgbẹ̀rún kan ni ọjà ń lọ lónìí."

Ní Ìnísà, iye méjì ló jọ wọ́pọ̀ jù: ẹni méjì ń ta ₦900, ẹni méjì sì ń ta ₦1,000. Kò yẹ kí a yan ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Nígbà tí iye méjì tó jìnnà síra bá jọ gbajúmọ̀ báyìí, ó máa ń jẹ́ àmì pé oríṣi ohun méjì ni a pò mọ́ra. Ká sọ pé ẹni tó ń béèrè iye padà lọ wo igbá àwọn òǹtajà náà, tó sì rí i pé gàárì funfun ni àwọn tó ń ta ₦850, ₦900 àti ₦900 ní, ṣùgbọ́n gàárì tí a fi epo pupa sí ni àwọn tó ń ta ₦1,000, ₦1,000 àti ₦1,050 ní. A jẹ́ pé ₦950 tí àròpín àti agbedeméjì jọ mú wá kì í ṣe iye gàárì funfun, kì í sì í ṣe iye ti elépo. Ohun tó tọ́ ni kí a ya wọ́n sọ́tọ̀, kí a sì ṣírò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní Òkukù, iye márààrún ló yàtọ̀ síra. Kò sí èyí tó wọ́pọ̀ ju èkejì lọ, nítorí náà a ó sọ pé ọjà náà kò ní iye tó wọ́pọ̀ jù. Èyí kò túmọ̀ sí pé òdo ni.

Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà pẹ̀lú owó bébà tún máa ń ní ipa lórí òṣùwọ̀n yìí. Nítorí pé ṣéńjì owó kékeré máa ń ṣòro, àwọn òǹtajà kì í sábà dá iye sí ₦985 tàbí ₦1,015. Orí àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún ni iye wọn máa ń jókòó sí. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ òǹtajà pàdé lórí iye kan náà, tí iye tó wọ́pọ̀ jù sì fi wúlò lọ́jà. Fún ohun tí a fi ẹ̀rọ wọ̀n, bí ìwúwo ọmọ tuntun, iye méjì lè má bára mu rárá àfi tí a bá kó wọn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí.

## Nígbà tí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan

Ní Òkukù, àròpín àti agbedeméjì jọ jẹ́ ₦900, nítorí pé àwọn iye náà tàn ká lọ́gbọọgba lápá méjèèjì. Ní Ìkirun, àròpín jẹ́ ₦1,100 ṣùgbọ́n agbedeméjì àti iye tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ ₦1,000. Nígbà tí àròpín bá ga ju agbedeméjì lọ báyìí, ó sábà máa ń fi hàn pé iye díẹ̀ tó ga gan-an ń fà á lọ sókè.

Ká wo oníṣòwò kan tó fẹ́ ra àádọ́ta kóńgò gàárì ní Òkukù kí ó tà á ní Ìkirun. Ká sọ pé owó ọkọ̀ àti alábàárù tó ₦120 lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lo àròpín, yóò rà á ní ₦900, yóò tà á ní ₦1,100, ìyàtọ̀ a jẹ́ ₦200. Lẹ́yìn owó ọkọ̀, èrè ₦80 ni yóò retí lórí kóńgò kan, èyí tó jẹ́ ₦4,000 lórí àádọ́ta.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé Ìkirun, yóò rí i pé ẹni mẹ́rin nínú méje ń tà ní ₦1,000 tàbí kí ó dín. Kò sí oníbàárà tí yóò fi wọ́n sílẹ̀ wá ra tirẹ̀ ní ₦1,100 bí gàárì náà bá jẹ́ irú kan náà. Bí ó bá tà á ní ₦1,000, ₦100 ni yóò rí lórí owó tó fi rà á, ₦120 sì ti lọ sórí ọkọ̀. ₦20 ni yóò pàdánù lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan, ₦1,000 sì ni lórí àádọ́ta. Kò ṣi ìṣirò ṣe, nítorí pé ₦1,100 ni àròpín Ìkirun lóòótọ́. Òṣùwọ̀n tó yàn ni kò bá ìbéèrè rẹ̀ mu.

A kò gbọdọ̀ torí èyí pa iye tó ya ẹgbẹ́ rẹ́ láìwádìí. Ìdí mẹ́ta ló sábà máa ń wà fún irú iye bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ àṣìṣe ìkọ̀wé, bí ẹni tó fẹ́ kọ 1,060 bá kọ 1,600. Ó lè jẹ́ oríṣi ọjà mìíràn, bíi gàárì Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa tó sì gbẹ, èyí tí a kò gbọdọ̀ kà mọ́ gàárì yòókù. Ó sì lè jẹ́ iye tòótọ́ fún ọjà kan náà. Àṣìṣe ni a ó tún ṣe, oríṣi mìíràn ni a ó yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n iye tòótọ́ gbọ́dọ̀ dúró. A ó wá fi agbedeméjì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àròpín kí òǹkàwé lè rí ìyàtọ̀ wọn.

## Pípa ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àròpín ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè rò pé òun kàn máa ro ₦1,100, ₦950 àti ₦900 pọ̀, kí òun sì pín in sí mẹ́ta. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ₦983. Ṣùgbọ́n bí a bá ro iye àwọn òǹtajà méjìdínlógún pọ̀, àpapọ̀ jẹ́ ₦17,900, àròpín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ₦994. Ìyàtọ̀ dé nítorí pé ẹni méje ni a bi léèrè ní Ìkirun, ẹni márùn-ún péré sì ni ní Òkukù. Ọ̀nà kìíní fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan, ọ̀nà kejì fún òǹtajà kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan. Méjèèjì ló ní ìwúlò tirẹ̀, bí a bá ti sọ èyí tí a lò.

Agbedeméjì kò tilẹ̀ ṣeé pa pọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbedeméjì ọjà mẹ́ta náà jẹ́ ₦1,000, ₦950 àti ₦900, èyí tó wà láàárín wọn sì ni ₦950. Ṣùgbọ́n tí a bá to iye méjìdínlógún náà sí ìlà kan, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá jọ jẹ́ ₦1,000, nítorí náà ₦1,000 ni agbedeméjì gidi. Kò sí bí a ṣe lè rí i láìpadà sí àwọn iye ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ohun mìíràn ni ìwọ̀n ọjà tí òǹtajà kọ̀ọ̀kan tà. Ká sọ pé ní Òkukù, ẹni tó ń ta ₦800 ta ogójì kóńgò, àwọn tó ń ta ₦850 àti ₦900 ta ogún-ogún, àwọn tó ń ta ₦950 àti ₦1,000 sì ta mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọgọ́rùn-ún kóńgò ni gbogbo rẹ̀, owó tó wọlé sì jẹ́ ₦86,500. Àròpín ohun tí àwọn oníbàárà san jẹ́ ₦865 lórí kóńgò kan, kì í ṣe ₦900, nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó dínwó ni èrò wọ́ sí jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àkọsílẹ̀ ìjọba pẹ̀lú. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NBS, máa ń gbé ìròyìn jáde lórí àròpín iye oúnjẹ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àròpín kan ṣoṣo fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò lè sọ fún ẹni tó wà ní Ìnísà bóyá iye tí wọ́n pè fún un lọ́jà rẹ̀ pọ̀ jù tàbí ó dín.

## Ohun tó yẹ kí a wò kí a tó ṣírò

Kò sí òṣùwọ̀n tó lè tún iye tí a kò gbà dáadáa ṣe. Àkọ́kọ́, iye tí òǹtajà kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye tí yóò gbà níkẹyìn. Jálẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ sílẹ̀. Bí a bá gba jálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan, tí a sì gba iye àkọ́pè lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ohun méjì tó yàtọ̀ ni a ń rò pọ̀.

Èkejì, kóńgò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kì í gba tó èyí tí ìdí rẹ̀ gún, kóńgò tí wọ́n rọ tó ga bí òkè sì ju èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gé lọ. Ẹni tó bá gbé kóńgò tirẹ̀ dání láti ọjà kan dé èkejì ni iye rẹ̀ ṣeé fi wéra.

Ẹ̀kẹta ni ènì. Òǹtajà méjì lè jọ pe ₦1,000, kí ọ̀kan fi ènì tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá kóńgò kún un, kí èkejì má fi nǹkan kan sí i. Ti ẹni àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ₦909 fún kóńgò kan gan-an. Nínú kíkà iye tó wọ́pọ̀ jù, àwọn méjèèjì ṣì máa dà bí ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan.

## Ṣíṣe é lórí kọ̀ǹpútà

Bí a bá kọ iye méje ti Ìkirun sí ilé A1 dé A7 nínú ètò ìṣirò bíi Excel, àwọn àṣẹ wọ̀nyí ni yóò fún wa ní àròpín, agbedeméjì àti iye tó wọ́pọ̀ jù:

```
=AVERAGE(A1:A7)
=MEDIAN(A1:A7)
=MODE(A1:A7)
```

Kò pọn dandan kí a to àwọn iye náà fúnra wa, nítorí pé `MEDIAN` ń tò wọ́n. Ìṣọ́ra tó wà níbẹ̀ wà lórí `MODE`. Fún àwọn iye Ìnísà, ọ̀kan ṣoṣo nínú ₦900 àti ₦1,000 ni yóò fi hàn, kò sì ní sọ pé èkejì wà. `MODE.MULT` ni ó lè fi méjèèjì hàn. Fún ti Òkukù, `#N/A` ni yóò kọ, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí iye tó tún ara rẹ̀ ṣe.

## Ìtàn

Àròpín ti pẹ́ ju àwọn méjì yòókù lọ nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló lo ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe agbedeméjì ní 1881, Karl Pearson sì ni ó fún iye tó wọ́pọ̀ jù ní orúkọ rẹ̀ ní 1895.

Ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn kan ní Plymouth ní 1906 ni Galton ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù. Àwọn èrò ìpàtẹ náà sanwó láti méfò ìwúwo màlúù kan lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún un ṣe. Galton gba ìwé ìméfò 787 tó ṣeé kà, ó tò wọ́n, ó sì rí i pé agbedeméjì wọn jẹ́ pọ́ùn 1,207. Ìwúwo màlúù náà jẹ́ pọ́ùn 1,198. Nígbà tí wọ́n wá bi í léèrè àròpín, ó jẹ́ pọ́ùn 1,197. Agbedeméjì ni Galton fara mọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìméfò ẹnì kan tí kò mọ ohun tó ń sọ kò lè fà á kúrò nípò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àròpín ló sún mọ́ òótọ́ jù.